Wákàtí mélòó ni ìdí ọmọ fi wà nínú ọ̀rinrin?

Ní Ìjù, lójú ọ̀nà Ìdírokò lẹ́yìn Ọ̀tà, kò yani lẹ́nu mọ́ kí èèyàn rí ìyá ọmọ tó ra pámpásì mẹ́ta péré nínú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti tú páàkì rẹ̀, wọ́n ń tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bíi ṣúgà oníhóró. Ẹni tó ń ra páàkì ńlá tẹ́lẹ̀ ti ń ra kékeré, ẹni tó ń ra kékeré ti ń ka ẹyọ. Ẹ sì mọ ìdí rẹ̀. Ní 2017, iléeṣẹ́ P&G ṣí ilé ìṣe ńlá kan ní Agbára, ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí, àmọ́ ní 2018 wọ́n ti tì í. Ní oṣù Kejìlá 2023, iléeṣẹ́ yìí kan náà kéde pé àwọn ò ní máa ṣe ọjà jáde ní Nàìjíríà mọ́, pé láti òkè òkun làwọn á ti máa kó o wọlé. Kímbálì-Kíláàkì náà ṣí ilé ìṣe ìlédìí ọmọ tuntun ní Ìkòròdú ní 2022, nígbà tó di 2024 wọ́n ní àwọn ń lọ. Tí ọjà bá ti ń gun dọ́là wọ̀lú, ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí owó rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni ohun tí àwọn òbí ṣe nígbà tí owó yẹn gbẹ́nu sókè. Ọ̀pọ̀ wọn ò pa pámpásì tì. Wọ́n fa wákàtí rẹ̀ gùn ni. Èyí tí wọ́n ń bọ́ lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta tẹ́lẹ̀, ó ti di mẹ́fà báyìí, ó ti di mẹ́jọ. Wọ́n á fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lóde, wọ́n á ní "kò tíì kún." Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mẹ́ta, ìdí ọmọ á pọ́n, ọmọ á máa ké tí omi bá kàn án lára. Lẹ́yìn náà ni ariyanjiyan á bẹ̀rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan á ní pámpásì ló fà á, pé aṣọ táwọn ìyá wa lò ló dáa. Àwọn kan á ní aṣọ ìlédìí ti di ohun àtijọ́, pé ìdọ̀tí ló wà níbẹ̀.

Lójú tèmi, ìjà yìí ò bá ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ìlédìí aṣọ lè bó ọmọ nídìí, pámpásì náà lè bó o. Ohun tó yẹ ká máa kà ni wákàtí tí ìdí ọmọ fi wà nínú ọ̀rinrin, àti ìṣẹ́jú tí ìgbẹ́ fi wà lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀, kí n sì fi hàn yín bí ìyá tó ní pámpásì mẹ́ta lóòjọ́ ṣe lè pín in.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ìlédìí?

Ẹ rántí bí ìka ọwọ́ yín ṣe máa ń rí tí ẹ bá ti fọ aṣọ pẹ́. Á funfun, á hun jọ, á rọ̀. Tí ẹ bá fi èékánná ha á nígbà yẹn, kíá ló máa bó. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni awọ ìdí ọmọ ṣe ń rí tí ìtọ̀ bá ti rin ín fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ó ti rọ̀, ìlédìí sì ń ha á ní gbogbo ìgbà tí ọmọ bá fẹsẹ̀ janlẹ̀ tàbí tí wọ́n bá pọ̀n ọ́n. Ìyẹn ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, ìtọ̀ nìkan sì ti tó láti dá a sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì ló burú jù, ìgbẹ́ ló sì ń mú un wá. Nínú ìfun ọmọ, àwọn èròjà kan wà tó ń bá a da oúnjẹ, ẹ́ńsáìmù là ń pè wọ́n. Àwọn kan lára wọn ń fọ́ ọ̀rá oúnjẹ, àwọn míì ń fọ́ èròjà amúnidàgbà bíi ti ẹ̀wà àti ẹyin. Nígbà tí ọmọ bá yàgbẹ́, wọn kì í kú sínú ìgbẹ́ yẹn, wọ́n ṣì lágbára. Awọ ara èèyàn náà sì rèé, ọ̀rá àti èròjà amúnidàgbà yìí kan náà ló fi ṣe ara. Tí ìgbẹ́ bá jókòó sí ìdí ọmọ pẹ́, ẹ́ńsáìmù wọ̀nyẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í da awọ ọmọ bí ẹni ń da oúnjẹ.

Kí wá ni iṣẹ́ ìtọ̀ níbẹ̀? Awọ ara wa máa ń kan díẹ̀díẹ̀, bí omi ògì ṣe ń kan ṣùgbọ́n kò tó tiẹ̀, kíkan yìí sì jẹ́ ààbò, nítorí pé ẹ́ńsáìmù inú ìgbẹ́ kì í lè ṣiṣẹ́ dáadáa níbi tó bá kan. Àmọ́ inú ìtọ̀ ni yúríà wà. Bakitéríà inú ìgbẹ́ máa ń fọ́ yúríà yìí sí ámóníà, èyí tó ní òórùn tó ń ta imú tí ẹ máa ń gbọ́ tí ẹ bá ṣí ìlédìí tó ti sùn mọ́jú. Ámóníà á sọ kíkan awọ náà di aláìkan, ẹ́ńsáìmù á wá rí ààyè ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ìtọ̀ pẹ̀lú ìgbẹ́ nínú ìlédìí kan náà burú ju kí ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sílẹ̀ lọ́tọ̀.

Ó pẹ́ kí àwọn onímọ̀ tó tò ó báyìí o. Ní 1921, dókítà ará Amẹ́ríkà kan di ẹ̀bi rẹ̀ ru ámóníà nìkan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wà lẹ́nu àwọn dókítà fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Ní àwọn ọdún 1970 ni àwọn olùwádìí fi ámóníà sí awọ ọmọ tí kò tíì bó, wọ́n rí i pé kò ṣe é ní nǹkan kan gúnmọ́. Ní àwọn ọdún 1980 ni ọ̀rọ̀ ẹ́ńsáìmù wá hàn kedere. Ìdí tí mo fi sọ ìtàn yìí ni pé òórùn ṣì ni ọ̀pọ̀ wa fi ń mọ ìgbà tó yẹ ká pààrọ̀ ìlédìí. Tí kò bá tíì rùn, a gbà pé kò sí wàhálà. Ìgbẹ́ ọmọ tó ń mu ọmú nìkan kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn, àmọ́ ìgbẹ́ náà ni, ó sì yẹ kí ẹ yọ ọ́ kíá.

Pámpásì àti aṣọ, ta ló ṣe kí?

Nínú pámpásì, àwọn hóró funfun wẹ́wẹ́ kan wà tó dà bí iyọ̀. Tí ìtọ̀ bá dé ara wọn, wọ́n á fà á mu, wọ́n á wú, wọ́n á dà bí ẹ̀kọ tó dì. Ẹ lè rí i tí ẹ bá ya èyí tí ọmọ ti tọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ìlọ́po ìwọ̀n ara wọn ni wọ́n ń fà mu, ìtọ̀ náà kì í sì í tún rọrùn fún láti padà sí awọ ọmọ. Nítorí náà, tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìtọ̀ nìkan, pámpásì gbẹ ju aṣọ lọ, kò sí àní-àní. Àmọ́ hóró wọ̀nyẹn ò lè fa ìgbẹ́ mu. Ìgbẹ́ á jókòó sí òkè, lára awọ ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni ìta pámpásì á gbẹ, á mọ́, á sì tan ẹni tó ń tọ́jú ọmọ jẹ. Mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni ewu rẹ̀ wà: kò sí ohun tó máa sọ fún màmá àgbà tó pọn ọmọ sẹ́yìn pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Ìlédìí aṣọ ò lè gbé ìtọ̀ kúrò lára ọmọ. Ó kàn máa mu ún, á sì wà nínú rẹ̀ báyẹn. Ìwà rere rẹ̀ ni pé kò lè parọ́. Tí ọmọ bá tọ̀, ẹ̀yìn ẹni tó pọ̀n ọ́n á tutù, wọ́n á sì bọ́ ọ kíákíá. Àwọn ìyá wa tó lo nápìn ò ní idán kankan. Wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ nígbà mẹ́wàá lójúmọ́ torí pé wọn ò ní yíyàn ni. Ìgbà tí pátá ọ̀rá dé, tí àwọn èèyàn ń wọ̀ ọ́ lé nápìn lórí kí ìtọ̀ má baà jáde, ìwà rere yẹn náà bá a lọ. Ọ̀rá ò jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé, ooru àti omi á há sínú rẹ̀, ìdí ọmọ á sì ti sè kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Àwọn tó máa ń sọ pé "ìwádìí ti fi hàn pé pámpásì ló dáa jù" ńkọ́? Ní 2006, àwọn olùwádìí ẹgbẹ́ Kókíréènì kó àwọn ìdánwò tó wà nílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí jọ, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò. Ibi tí wọ́n fàbọ̀ sí ni pé ẹ̀rí tó dáa tó kò sí láti fi sọ pé pámpásì ń dènà ráàṣì tàbí pé kì í dènà rẹ̀. Ẹ sì tún rò ó pé iléeṣẹ́ tó ń ta ìlédìí ló sanwó ọ̀pọ̀ ìdánwò tó gbé pámpásì ga. Ìyẹn ò sọ pé irọ́ ni wọ́n pa, àmọ́ kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi dá ìyá tó ń lo aṣọ lẹ́jọ́.

Pámpásì mẹ́ta, ọjọ́ kan

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní ìyá kan wà ní Ìjù tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìṣe kan ní Ọ̀tà, aago méje àárọ̀ ló ń wọlé, aago méje alẹ́ ló ń jáde. Ọmọ rẹ̀ ti pé oṣù márùn-ún, màmá àgbà ló ń bá a wò ó nílé. Owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ò kọjá pámpásì mẹ́ta lóòjọ́. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe máa ń pín in ni pé kí ọmọ wọ ọ̀kan láti àárọ̀ di ọ̀sán, ọ̀kan láti ọ̀sán di alẹ́, ọ̀kan mọ́jú. Wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ nìyẹn. Ọmọ oṣù márùn-ún á sì ti tọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà láàárín wákàtí mẹ́jọ, ó ṣeé ṣe kó yàgbẹ́ sí i pẹ̀lú.

Bí mo ṣe máa pín in rèé. Alẹ́ ni mo máa kó pámpásì fún. Ọ̀kan á wọ ọmọ lọ́rùn oorun ní aago mẹ́sàn-án, torí pé ibẹ̀ ni hóró tó ń fa ìtọ̀ mu ti wúlò jù: ọmọ ń sùn, ìtọ̀ nìkan ló sì pọ̀ níbẹ̀. Ìkejì á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn fún ìgbà tó bá yàgbẹ́ lóru. Tí ìyá bá jí fún un lọ́mú ní aago méjì tàbí mẹ́ta, kó fi ìka kan ṣí etí pámpásì wò ó. Tí ìgbẹ́ bá wà níbẹ̀, kó bọ́ ọ lójú ẹsẹ̀, kó má dúró di àárọ̀. Tí ìtọ̀ nìkan bá ni tí kò sì tíì wúwo, kó fi sílẹ̀. Ìkẹta wà fún ìrìn àjò, bíi lílọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tàbí ìgbà tí wọ́n bá ní láti wọ ọkọ̀ lọ sí Sángo.

Ọ̀sán nílé, aṣọ ni, láìsí pátá ọ̀rá. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ di mẹ́sàn-án alẹ́, wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Tí wọ́n bá ń pààrọ̀ rẹ̀ ní wákàtí méjì méjì, ìlédìí mẹ́jọ á lọ sí i. Ẹ fi méjì kún un fún ìgbà tí ọmọ bá yàgbẹ́ láìtíì tó àkókò, ó di mẹ́wàá. Tòní wà lára ọmọ, tàná wà lórí okùn, nítorí náà ogún ìlédìí ló yẹ kó wà nílé. Kò di dandan kí ẹ ra tuntun. Ìró ìyá tó ti gbó dáadáa, tó jẹ́ òwú, ń mu omi ju aṣọ tuntun lọ. Ẹ gé e ní onígun mẹ́rin tó lè ká po ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin láàárín ẹsẹ̀ ọmọ. Ẹ yẹra fún aṣọ tó ń dán, kì í mu omi.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń rò. Omi ńkọ́? Ọṣẹ ńkọ́? Òótọ́ ni. Ibi tí wọ́n ti ń fi owó ra omi ní kéègì, ìlédìí mẹ́wàá lójoojúmọ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́ rárá. Tí omi ò bá sí nílé, tàbí tí kò sí ẹni tó lè fọ aṣọ, mi ò ní rọ̀ yín sínú aṣọ. Ìlédìí aṣọ tí wọn ò fọ̀ mọ́ burú ju pámpásì lọ. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ ra pámpásì tó wọ́n mọ níwọ̀n, ẹ má sanwó lórí orúkọ, kí ẹ lè ra ẹyọ tó pọ̀ sí i, kí ẹ sì tún máa fi ọmọ sílẹ̀ ní ìhòòhò lórí aṣọ fún ìgbà díẹ̀ lójúmọ́. Tó bá sì jẹ́ pé ilé ìtọ́jú ọmọ lẹ ń gbé e lọ, ẹ má kàn bi wọ́n pé pámpásì mélòó ló lò. Ẹ bi wọ́n pé aago mélòó ni wọ́n pààrọ̀ èyí tó wà lára rẹ̀.

Fífọ aṣọ, àti ọ̀rọ̀ káńfọ̀

Ẹ kọ́kọ́ gbọn ìgbẹ́ dànù sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹ sì fi omi tútù ṣan aṣọ náà. Omi gbígbóná lójú ìgbẹ́ kì í jẹ́ kí àbàwọ́n jáde. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta, títí tí omi ò fi ní hó mọ́ tí aṣọ ò sì ní yọ̀ lọ́wọ́. Ọṣẹ tó bá ṣẹ́kù sínú aṣọ á jáde nígbà tí ìtọ̀ bá rin ín, á sì ta ọmọ lára. Bí ẹ ṣe lè mọ̀ pé fífọ̀ ò jinná ni èyí: tí ìlédìí tó gbẹ, tó mọ́ lójú, bá ń ta imú bí ámóníà kété tí ọmọ tọ̀ sí i, bakitéríà ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ sè é. Ẹ má fi ìpara olóòórùn dídùn tó ń mú aṣọ rọ̀ sí omi ìkẹyìn, ó ń bo okùn òwú, aṣọ náà ò sì ní mu ìtọ̀ dáadáa mọ́.

Oòrùn dáa, ẹ sá a síta. Tó bá gbẹ tán, ẹ lọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé iná mànàmáná lè má sí, àmọ́ ìdí pàtàkì wà. Eṣinṣin kan wà nílẹ̀ Áfíríkà tó ń yé ẹyin sí aṣọ tútù. Ẹyin yẹn á di ìdin tínńtín tó ń wọ awọ ara, á wú bí eéwo, ihò kékeré kan á sì wà lórí rẹ̀. Ooru áyọ́ọ̀nù ń pa á. Tí kò bá sí iná, ẹ sá aṣọ níbi tí oòrùn ti mú dáadáa, ẹ má tẹ́ ẹ sórí koríko, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ pátápátá kí ẹ tó lò ó.

Ohun kan wà tí mi ò ní fi ṣeré rárá: káńfọ̀, hóró funfun tí wọ́n ń kó sínú àpótí kí aáyán má baà jẹ aṣọ. Ẹ má fi í sáàárín aṣọ ọmọ tàbí ìlédìí. Àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn ò ní ẹ́ńsáìmù kan tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa. Láàárín àwọn ọkùnrin níbí, ní ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà, bí ẹ bá ka márùn-ún, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan wà bẹ́ẹ̀, ìyá rẹ̀ ò sì lè fojú mọ̀ ọ́n. Tí òórùn káńfọ̀ bá wọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lára, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ojú rẹ̀ á pọ́n bí òroǹbó, ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ yẹn sì lè ba ọpọlọ ọmọ tuntun jẹ́. Ní 1963, àwọn dókítà ní ilẹ̀ Gíríìsì kọ̀wé nípa ọmọ tuntun 21 tí ẹ̀jẹ̀ wọn fọ́ nítorí òórùn káńfọ̀ tí wọ́n mí símú. Àwọn ọmọ náà ò jẹ ẹ́ o. Òórùn lásán ni. Tí ẹ bá ti kó káńfọ̀ sínú aṣọ ọmọ tẹ́lẹ̀, fífọ̀ lẹ́ẹ̀kan ò tó. Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, kí ẹ sì sá a síta fún ọjọ́ mélòó kan títí tí òórùn yẹn á fi tán pátápátá.

Tó bá ti bó ńkọ́?

Ẹ kọ́kọ́ mọ bó ṣe rí lára ọmọ dúdú. Ọ̀pọ̀ àwòrán tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọmọ òyìnbó ni, pupa fòò sì ni wọ́n ń fi hàn. Lára ọmọ wa, ó lè ṣú dúdú ju ibi tó kù lọ, ó lè dà bí àwọ̀ àlùkò, ó lè máa dán bí ohun tí wọ́n fi epo pa, kó sì máa ṣí ní wẹ́wẹ́. Tó bá sàn tán, ojú ibẹ̀ lè funfun ju ara tó kù lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù mélòó kan. Kì í ṣe ẹ̀tẹ̀, àwọ̀ á padà. Ẹ má lọ ra ìpara kankan nítorí rẹ̀.

Ráàṣì tí ọ̀rinrin fà sábà máa ń wà níbi tí ìlédìí ti ń kan ara: lórí ìdí, itan àti abẹ́ ìdodo. Inú ìpapọ̀ itan, ibi tí awọ ti ká po, kì í sábà bó. Ohun tí ẹ máa ṣe ò le. Tí ọmọ bá yàgbẹ́, ẹ bọ́ ọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti òwú tàbí aṣọ rírọ̀ nù ún, ẹ má ha á. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi gbẹ. Ẹ jẹ́ kó wà ní ìhòòhò lórí aṣọ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin lójúmọ́. Ẹ wá fi ìpara onísíǹkì tàbí fásílíìnì pa á, kó nípọn bíi bọ́tà lórí búrẹ́dì, torí pé ògiri ni ó jẹ́ láàárín awọ àti ìdọ̀tí. Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ pààrọ̀ ìlédìí, ẹ má fi agbára nu ìpara yẹn kúrò. Ibi tí ìgbẹ́ wà nìkan ni kí ẹ nù, kí ẹ sì fi òmíràn lé e.

Tí ẹ bá ṣe èyí fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí kò dín kù, ẹ wo inú ìpapọ̀ itan. Tí ó bá ti wọ ibẹ̀, tí àwọn tótòtó kéékèèké sì wà káàkiri etí ráàṣì náà bí ọmọ erékùṣù, kándídà ló ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹbí ìwúkàrà ni kándídà, ibi gbígbóná tó tutù ló fẹ́ràn. Ó sábà ń yọjú tí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oògùn apabakitéríà. Ẹ wo inú ẹnu ọmọ náà: tí funfun tí kò ṣeé nù kúrò bá wà níbẹ̀, ó tún kín in lẹ́yìn. Síǹkì nìkan ò lè pa á. Ìpara kilotirimasóólù tàbí nísítátíìnì ni wọ́n ń lò, lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta lójúmọ́, ẹ sì máa lò ó fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tó bá ti sàn. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ fi pa ara, kí síǹkì wá tẹ̀ lé e.

Ibi tí inú ti ń bí mi jù nìyí: ìpara olóògùn mẹ́ta tí ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì ń tà fún gbogbo nǹkan. Oògùn tó ń pa kándídà wà nínú rẹ̀, oògùn apabakitéríà wà nínú rẹ̀, ẹ̀kẹta sì jẹ́ sítẹ́rọ́ọ̀dì tó lágbára, bíi bẹtamẹtasóònù tàbí kilobẹtasóólù. Ráàṣì á dín kù ní ọjọ́ méjì, ìyá á sì gbà pé oògùn gidi ni. Sítẹ́rọ́ọ̀dì ló pa pípọ́n mọ́lẹ̀. Awọ ìdí ọmọ tín-ín-rín, ìlédìí tún bò ó mọ́lẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò, nítorí náà oògùn náà á wọ inú ẹ̀jẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Tó bá pẹ́, awọ á fẹ́lẹ́, ojú ọmọ lè wú roboto, ara rẹ̀ sì lè gbàgbé bí òun ṣe ń ṣe irú èròjà yẹn fúnra rẹ̀. Ẹ ka ara páálí kí ẹ tó sanwó. Tí orúkọ tó parí sí "sóònù" tàbí tó ní "bẹtasóólù" bá wà níbẹ̀, ẹ dá a padà, àyàfi tí dókítà tó rí ìdí ọmọ náà bá kọ ọ́ fún yín. Páúdà náà ò wúlò, ó ń dì mọ́ ọ̀rinrin, eruku rẹ̀ sì ń wọ ẹ̀dọ̀fóró ọmọ. Ìpara onímẹ́ńtọ́lù àti káfúrà tí àgbàlagbà fi ń pa orí, ẹ má jẹ́ kó dé ara ọmọ ọwọ́ rárá.

Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn tí ráàṣì bá ń ṣẹ̀jẹ̀, tí ó bá ń rọ̀ ní ọyún tàbí tó ní ìléròrò, tí ara ọmọ bá gbóná, tí ọmọ ò bá tíì pé oṣù kan ààbọ̀, tàbí tí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá láìsí àyípadà.

Ohun tí mo ń fẹ́ kí wọ́n ṣe ní Ìjù àti káàkiri Adó-Odò/Ọ̀tà ò ná ìjọba ní owó púpọ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọ̀sẹ̀ kẹwàá àti ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ni gbogbo ìyá ń gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́. Itan ọmọ náà ni wọ́n ń gún un sí, ìlédìí sì wà nítòsí ibẹ̀. Kí nọ́ọ̀sì ṣí i wò lọ́jọ́ yẹn, kó fi ibi tí awọ ti ká po han ìyá, kó sì bi í ní ìbéèrè kan: "Ìyá, aago mélòó lẹ wọ èyí fún un?" Ìdáhùn yẹn á sọ fún un bóyá síǹkì ni ìyá náà nílò, tàbí ìlédìí aṣọ mẹ́wàá tí wọ́n gé lára ìró tó ti gbó.